Ẹni tó ń gbowó kọ́ ló yẹ kó máa kọ ìwé gbèsè: pínpín iṣẹ́ owó ní ṣọ́ọ̀bù ènìyàn mẹ́rin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ń ta sìmẹ́ǹtì, irin, ìṣó àti ọ̀dà ní Ìbàdàn. Èmi àti òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré la wà níbẹ̀: ọmọbìnrin kan tó ń gbowó tó sì ń kọ gbogbo ìwé, ọmọkùnrin kan ní sítọ́ọ̀, àti awakọ̀. Akáǹtáǹtì kan ní kí n pín iṣẹ́ owó, kí ẹnì kan má máa dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ta wá ni kí n pín in fún? Mi ò lágbára àtigba òṣìṣẹ́ mìíràn. Ọmọ dáadáa sì ni ọmọbìnrin yìí, ọdún kẹfà rẹ̀ rèé lọ́dọ̀ mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọrọ̀ ajé, ìyá wa. Ẹ má gba òṣìṣẹ́ mìíràn o. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe: ẹ gba ìwé àwọn onígbèsè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń gbowó, kí ẹ sì máa kọ ọ́ fúnra yín. Èyí tó kù lè dúró di oṣù tó ń bọ̀.

Ìdí tí mo fi mú un ṣáájú nìyí. Bí owó tàbí ọjà bá ti ń rìn, iṣẹ́ mẹ́rin ló wà nídìí rẹ̀. Ẹnì kan á láṣẹ pé kí á ta ọjà láwìn, kí á yọ owó díẹ̀ kúrò fún oníbàárà, tàbí kí á sanwó fún ẹni tó gbé ẹrù wá. Ọwọ́ ẹnì kan ni owó tàbí ẹrù náà á wà. Ẹnì kan á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan á sì máa fi ohun tó wà nílẹ̀ wé ohun tó wà nínú ìwé. Ilé iṣẹ́ ńlá a máa fi ènìyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sídìí ìwọ̀nyí. Ẹ̀yin ò ní mẹ́rin, kò sì pọn dandan kí ẹ ní in, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló léwu bákan náà bí a bá so wọ́n pọ̀. Èyí tó léwu jù ni kí owó wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ìwé owó náà sì wà lọ́wọ́ ẹni yẹn kan náà, nítorí bó bá mú un, òun náà ni yóò kọ ohun tí yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Nínú ọjà tiyín, ibi tí èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀ kì í ṣe owó tí oníbàárà san lójú ẹsẹ̀. Bí ẹni tó ra ìṣó bá sanwó tó sì gbé ìṣó lọ, ẹrù tó kúrò ní sítọ́ọ̀ ni yóò tú àṣírí bí owó rẹ̀ kò bá délé. Ibi tó rọrùn láti fara pamọ́ sí ni gbèsè, torí ẹrù ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́, owó ló ṣẹ́ kù, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí yóò wọlé gan-an.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé oníbàárà yín kan ní Apẹ̀tẹ́ jẹ yín ní ₦180,000. Ó mú un wá lówó ní ọjọ́ Ajé, ẹ ò sí nílé. Ẹni tó gbowó fi í sápò, ó sì kọ risíìtì fún un láti inú ìwé risíìtì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oníwèé, èyí tí kò ní nọ́ńbà tiyín lára. Inú ìwé gbèsè, oníbàárà Apẹ̀tẹ́ ṣì jẹ gbèsè. Bó bá dúró bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín á pè é lọ́jọ́ kan, àṣírí á sì tú. Nítorí náà, kò ní jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, oníbàárà ti Mọ́níyà tó jẹ ₦240,000 san gbogbo owó rẹ̀. Gbogbo ₦240,000 náà ló lọ sí bánkì, kò sí kọ́bọ̀ tó dín. Àmọ́ nínú ìwé, ₦180,000 ni wọ́n kọ sí orúkọ ti Apẹ̀tẹ́, wọ́n wá kọ ₦60,000 tó kù sí orúkọ ti Mọ́níyà. Ti Apẹ̀tẹ́ ti mọ́. Ti Mọ́níyà ló wá ku ₦180,000 báyìí, bẹ́ẹ̀ ó ti san tán. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ti Akóbọ san ₦310,000. Wọ́n tún yọ ₦180,000 nínú rẹ̀ fún ti Mọ́níyà, wọ́n kọ ₦130,000 fún ti Akóbọ. Ihò náà, ìyẹn ₦180,000 tí wọ́n jí, ti ṣí lọ sí Akóbọ. Kò kúrò nínú ìwé yín, ó kàn ń wọ aṣọ oníbàárà mìíràn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sì tún mú ₦70,000 nínú owó ẹlòmíràn, ihò náà di ₦250,000, owó tí wọn yóò máa fi bò ó á sì máa pọ̀ sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ nìyí: láti Ọjọ́bọ̀ yẹn lọ, gbogbo owó tí ìwé ní ó wọlé ló wọ bánkì lóòótọ́. Bí akáǹtáǹtì yín bá jókòó ní ìparí oṣù, tó fi ìwé yín wé àkọsílẹ̀ bánkì, kò ní rí nǹkan kan. Iye á bára mu pátápátá. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn tí wọ́n bá sọ fún oníṣòwò kékeré pé kó ṣáà máa yẹ bánkì wò, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó dára kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ irú olè yìí kọjá bánkì.

Àmì tó ń fi í hàn wà nínú ìwé gbèsè fúnra rẹ̀. Ẹ á rí oníbàárà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń sanwó rẹ̀ tán látẹ̀yìnwá, tó wá di pé ìwé ń sọ pé ó san díẹ̀ lónìí, ó san èyí tó kù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ á rí i pé déètì tó wà lára risíìtì ọwọ́ oníbàárà ṣáájú déètì inú ìwé. Àròpọ̀ gbèsè náà á sì máa ga láìnídìí. Ẹ lè ṣírò ìyẹn fúnra yín. Bí ẹ bá ta ọjà ₦3,000,000 láwìn lóṣù, tí gbèsè tó wà níta ní ìparí oṣù jẹ́ ₦1,500,000, àwọn ènìyàn yín ń gbà tó ọjọ́ 15 kí wọ́n tó san nìyẹn. Bí ọjà tí ẹ tà láwìn kò bá yàtọ̀, tí gbèsè ìparí oṣù wá di ₦2,100,000, ó ti di ọjọ́ 21. Ó lè jẹ́ pé ọjà kò yá fún wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀, tí kálukú ń sọ pé òun ti san, ẹ ti mọ ibi tí owó wà.

Báwo ni ẹ ṣe máa yí i padà láìgba ènìyàn? Ọmọbìnrin náà á máa gbowó lọ, á sì máa kọ risíìtì. Ẹ tẹ risíìtì tiyín, tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà tó tẹ̀ léra, ewé mẹ́ta fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún oníbàárà, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan á wà nínú ìwé. Àwọn ìwé risíìtì tí wọn kò tíì lò á wà nínú dúrọ́ọ̀ tiyín, ẹ̀yin lẹ ó máa fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì kọ nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí sílẹ̀. Bí ewé kan bá bàjẹ́, kó fa ìlà sí i lára, kó fi gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ fà á ya.

Ní alẹ́, á kó ewé tiyín fún yín pẹ̀lú owó tàbí ìwé tí bánkì fi gbowó. Ẹ ó wo nọ́ńbà bóyá ó fò, ẹ ó ro iye wọn pọ̀, ẹ ó sì fi wé owó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yin fúnra yín á kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè lábẹ́ orúkọ tó wà lára ewé náà. Bí oníbàárà tó ń ra láwìn lọ́dọ̀ yín kò bá ju ogún tàbí ọgbọ̀n lọ, iṣẹ́ yìí kò lè gbà yín tó wákàtí kan lálẹ́. Bí ẹ kò bá ráyè rárá, ẹ wá ẹni tó mọ ìwé tí yóò máa wá ní Sátidé nìkan. Owó kékeré lẹ ó fún un, kò sì ní fọwọ́ kan owó ṣọ́ọ̀bù láéláé. Ṣùgbọ́n ẹni yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí òun náà ni wọn yóò kọ́kọ́ ní kó bá wọn wá ènìyàn.

Lẹ́yìn náà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti orí fóònù tiyín, ẹ kọ iye tí ó kù sí oníbàárà kọ̀ọ̀kan lọ́rùn ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́ọ̀sáàpù: “Ẹ kú iṣẹ́ sà, nínú ìwé wa, ₦180,000 ló kù lọ́rùn yín títí di òní. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ni kí ẹ pè.” Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀, èyí ló ń yára tú irú àṣírí yìí jù, kò sì ná yín ju dátà lọ. Ẹni tó ti san tán kì í dákẹ́ bí wọ́n bá ní ó jẹ gbèsè. Àmọ́ nọ́ńbà fóònù wọn gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe kí ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Ẹ lè sọ pé ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń fi owó ránṣẹ́ sí bánkì nísinsìnyí, wọn kì í kó owó wá mọ́. Ó ń ràn yín lọ́wọ́ gan-an, torí orúkọ ẹni tó sanwó ti wà lára owó náà, kò ní rọrùn láti kọ owó Mọ́níyà sí orúkọ Apẹ̀tẹ́. Ọ̀nà tó kù ni kí wọ́n fún oníbàárà ní nọ́ńbà àkáǹtì mìíràn, kí wọ́n ní ti ṣọ́ọ̀bù kò ṣiṣẹ́ lónìí. Ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì yín gàdàgbà sára ògiri, ẹ tẹ̀ ẹ́ sára risíìtì, kí ẹ sì fi kún un pé owó tó bá lọ sí ibòmíràn kì í ṣe owó ṣọ́ọ̀bù. Nípa ẹ̀rọ pí-ó-ẹ̀sì náà, ẹ rí i dájú pé àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù ni owó rẹ̀ ń wọ̀. Mo ti rí ibi tí ẹ̀rọ méjì wà lórí káńtà kan náà tí ọ̀gá mọ ẹyọ kan.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí ihò fi lè dí láìsí owó, ẹ sì gbọ́dọ̀ dí i. Bí ẹni tó ń gbowó bá láṣẹ láti kọ ọ́ pé oníbàárà dá àpò sìmẹ́ǹtì 20 padà, tàbí pé ẹ yọ owó kúrò fún un, tàbí pé gbèsè náà kò ṣeé gbà mọ́, ìlà kan péré nínú ìwé ti tó láti sin ₦180,000. Gbogbo ohun tó bá lè dín gbèsè kù láìjẹ́ owó, ọwọ́ yín ni kó ti wá, kí ẹ fọwọ́ sí i pẹ̀lú déètì. Bí wọ́n bá ní ọjà padà wá, ọmọkùnrin sítọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ lọ́jọ́ náà sínú káàdì ọjà tirẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kọ ẹrù tó wọlé àti èyí tó jáde sí.

Ní ti sítọ́ọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ọmọkùnrin náà kò gbọdọ̀ gbowó, ọmọbìnrin náà kò sì gbọdọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀. Kò sí ẹrù tó máa jáde láìsí risíìtì tàbí ìwé àwìn tí ẹ fọwọ́ sí. Awakọ̀ á gba ìfọwọ́sí oníbàárà sí ìwé ẹrù, á sì mú un padà fún yín. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ tí wọn ò retí, ẹ mú ọjà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gbówó lórí, kí ẹ kà wọ́n kí ẹ tó wo káàdì. Bí sìmẹ́ǹtì bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ní àpò 400, tí 600 wọlé, tí ìwé ní 730 jáde, 270 ló yẹ kó wà nílẹ̀. Bí ẹ bá ka 262, ẹ béèrè àpò mẹ́jọ. Bí wọ́n bá ní ó ya, kí wọ́n fi àpò tó ya hàn yín. Bí ẹ bá ti wo káàdì ṣáájú, ojú yín á máa wá 270, ẹ ó sì rí i.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti bá ṣiṣẹ́, ọ̀gá ló máa ń kọ́kọ́ ba ètò yìí jẹ́. Á kó ₦20,000 nínú dúrọ́ọ̀ lọ sí òde àríyá, kò ní kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí owó bá dín, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tí ọ̀gá mú yàtọ̀ sí èyí tí òṣìṣẹ́ mú, òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́n á sì sápamọ́ sẹ́yìn yín. Bí ẹ bá mú owó, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ fọwọ́ sí i bíi ti ẹlòmíràn. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní píìnì bánkì, bó ti wù kí ojú ọ̀nà jìn tó. Ọ̀pọ̀ bánkì ní ètò fún oníṣòwò níbi tí òṣìṣẹ́ á ti tẹ owó tí ẹ fẹ́ san sílẹ̀, tí kò ní lọ títí ẹ̀yin á fi fọwọ́ sí i lórí fóònù tiyín. Ẹ béèrè fún un.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ “ọdún kẹfà rẹ̀ rèé” ló wúwo jù nínú ìbéèrè yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, Dixon lorúkọ rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 16,000 lọ. Rita Crundwell ni olùṣirò owó ìlú náà. Òun ló ń gba lẹ́tà bánkì, òun ló ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì, òun náà ló ń kọ ìwé. Ní ìparí ọdún 1990, ó ṣí àkáǹtì kan tó fi orúkọ ìlú bò, ó sì ń darí owó ìlú lọ síbẹ̀ títí di ọdún 2012. Owó náà lé ní mílíọ̀nù 53 dọ́là. Àwọn ayẹ̀wé-owó-wò wá lọ́dọọdún, wọn kò rí i. Ọdún 2011 ló gba ìsinmi gígùn, tí akọ̀wé ìlú tó ń bá a di iṣẹ́ rẹ̀ mú béèrè àkọsílẹ̀ gbogbo àkáǹtì lọ́wọ́ bánkì, tó sì rí ọ̀kan tí kò mọ̀ rí. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 19 àti oṣù 7. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbogbo ìlú ló sì fọkàn tán an.

Mi ò fi ọmọ yín wé e. Ìsinmi yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀. Ihò tó ń ṣí láti orúkọ kan sí òmíràn nílò ẹni tí yóò máa tì í lójoojúmọ́. Ẹ fún un ní ìsinmi ọjọ́ márùn-ún tó tẹ̀ léra lọ́dún, kí ó má fọwọ́ kan ìwé, kí ó má dáhùn fóònù oníbàárà, kí ẹlòmíràn gbowó dípò rẹ̀. Bí ẹ bá rí òṣìṣẹ́ owó tí kì í fẹ́ sinmi rárá, tó ń wá síṣẹ́ pẹ̀lú ibà, ẹ yìn ín, kí ẹ sì yẹ ìwé wò. Bó bá sì jẹ́ pé kò mú nǹkan kan, ètò yìí ló máa gbà á lọ́jọ́ tí owó bá dín, torí ìwé tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ ni yóò jẹ́rìí fún un.

Ibi tí agbára ètò náà mọ ni pé bí ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin sítọ́ọ̀ bá fìmọ̀ ṣọ̀kan, risíìtì àti káàdì á bára mu lórí irọ́. Ènìyàn mẹ́ta kéré láti dí ìyẹn tán. Kíkà ọjà lójijì, iṣẹ́ Wọ́ọ̀sáàpù sí oníbàárà, àti awakọ̀ tó ń mú ìfọwọ́sí padà fún yín tààrà lè mú kó ṣòro fún wọn, àmọ́ wọn ò lè mú un kúrò pátápátá.

Ní ọ̀la, kí ẹ tó tẹ risíìtì, ẹ mú orúkọ márùn-ún tí gbèsè wọn pọ̀ jù nínú ìwé, kí ẹ pè wọ́n fúnra yín. Ẹ má sọ iye tó wà nínú ìwé, ẹ kàn béèrè iye tí wọ́n mọ̀ pé àwọn jẹ àti ọjọ́ tí wọ́n sanwó kẹ́yìn. Bí iye wọn bá bá ìwé mu, ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun ní ọjọ́ kìíní oṣù. Bí kò bá bá a mu, ẹ má pariwo, ẹ má sì pe ọmọ náà lẹ́jọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ojú ewé ìwé gbèsè, ẹ kó gbogbo ìwé risíìtì sínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, ẹ ní kí àwọn oníbàárà náà ya àwòrán risíìtì ọwọ́ wọn ránṣẹ́, kí akáǹtáǹtì yín sì fi wọ́n wé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọ náà. Nígbà míì, oníbàárà ló gbàgbé. Nígbà míì, àṣìkọ ni, orúkọ méjì tó jọra ló pa pọ̀.